Kí ẹ tó ra inṣọ́ránsì sí kẹ̀kẹ́ Maruwá tàbí ọ̀kadà yín ní Ìkòròdú

Kẹ̀kẹ́ Maruwá méjì ni mo ní ní Ìkòròdú. Ọ̀kan ń ná Ìtámágà sí Ìjẹ̀dẹ̀, èkejì ń ná Sábó sí Ìgbógbó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń sanwó inṣọ́ránsì wọn nígbàkúùgbà tí mo bá ń tún pátíkùlà wọn ṣe, tí mo sì ń ká ìwé náà sínú báàgì láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ tó ń wa ti Ìjẹ̀dẹ̀ lọ rọ́ lu mọ́tò ẹlòmíì ni mo tó tú ìwé náà jáde. Ọ̀gbẹ́ni tó dá mi lóhùn ní iléeṣẹ́ tó ni ìwé ọ̀hún fi ìka kan ìlà kékeré kan nísàlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ìlò ara ẹni ni wọ́n kọ síbí. Ṣé ìlò ara ẹni lẹ ń fi kẹ̀kẹ́ yìí ṣe?" Èrò mẹ́ta ló wà nínú kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo san gbogbo owó àtúnṣe mọ́tò onímọ́tò, látorí ilẹ̀kùn dé bọ́ńpà.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ṣe lè rà á tí á fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, kí ẹ sì mọ ibi tí kò ní dé rárá, kí ẹ lè múra sílẹ̀ dè é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń rà

Inṣọ́ránsì ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Táàdì-pátì ni èyí tí òfin sọ di dandan, òun náà ni ọlọ́pàá ń béèrè lójú pópó. Ẹlòmíì ló ń bá yín sanwó fún: ẹni tí kẹ̀kẹ́ yín gbá, mọ́tò tó fọ́, ṣọ́ọ̀bù tó yà wọ̀. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tiyín, kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á bó bá kán. Kọmpirihẹ́ńsíìfù ni èkejì. Ó ń ṣe iṣẹ́ táàdì-pátì, ó sì tún ń tún kẹ̀kẹ́ tiyín ṣe, tàbí kó san owó rẹ̀ bí wọ́n bá jí i. Ẹ̀kẹta ni inṣọ́ránsì jàǹbá ara. Orúkọ èèyàn la fi ń ra ìyẹn, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, iye tí NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò, là kalẹ̀ fún táàdì-pátì ni ₦5,000 lọ́dún fún kẹ̀kẹ́ Maruwá, àti ₦3,000 fún ọ̀kadà. Bí kẹ̀kẹ́ bá ba dúkìá ẹlòmíì jẹ́, iléeṣẹ́ lè san án tó ₦2,000,000. Ti ọ̀kadà kò ju ₦1,000,000 lọ. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Ẹni tó bá ní òun á bá yín ṣe é ní ₦1,500 kò tà yín ní inṣọ́ránsì, pépà lásán ló tà fún yín.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún wa ní gáréèjì láràárọ̀ kì í ṣe inṣọ́ránsì o. Mo ti rí awakọ̀ tó gbà tọkàntọkàn pé òun ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sọ ọ́ síta pé èrò lẹ ń gbé

Ibí ni àṣìṣe tèmi ti wáyé, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ẹni tó ń bá wa ṣe ìwé máa ń kánjú, ó ní ogún ìwé tó fẹ́ tẹ̀ lójúmọ́, bí ẹ kò bá sì sọ nǹkan kan, píráfẹ́ètì, ìyẹn ìlò ara ẹni, ni yóò tẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kọ́máṣà ni, pé èrò ni kẹ̀kẹ́ náà ń gbé gba owó. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ní kó fi ìka kan ìlà tó sọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí kí ẹ fi ọkọ̀ náà ṣe, kó sì kà á sí yín létí. Bí kò bá sí gbígbé èrò gba owó nínú ìlà yẹn, ẹ dá a padà fún un kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa èrò inú kẹ̀kẹ́. Ìwé mìíràn wà tó ń ka èrò tó jókòó sẹ́yìn mọ́ àwọn tí yóò sanwó ìtọ́jú wọn, òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó wà ní títì lásán ló mọ̀. Ẹ má ṣe rò ó, ẹ béèrè: "Bí èrò tí mo gbé bá farapa, ṣé ìwé yìí á san án? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Bí wọ́n bá ní ẹ ní láti fi owó díẹ̀ kún un, ẹ fi kún un. Nínú gbogbo owó tí mo ń ná sórí ìwé, òun ni kì í dùn mí.

Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáṣì àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wéra pẹ̀lú ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́ gan-an. Ẹ má fi ti inú ìwé wé ti inú ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi àkísà nu ọ̀rá kúrò lára irin, kí ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí a rà ní àlòkù ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni í, ìyàtọ̀ nọ́ńbà kan péré sì tó láti mú kí wọ́n ní kì í ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn làwọn gbà.

Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò náà ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti ájẹ́ǹtì. Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin ni pé bí owó kò bá tíì wọlé, kò tíì sí inṣọ́ránsì. Ájẹ́ǹtì tó ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ fún òun, òun á máa bá yín gbé e lọ, ń fi yín sínú ewu láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù

Gbogbo ìwé mọ́tò tó jẹ́ ojúlówó gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ ẹgbẹ́ àwọn adójútòfò. Ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù yín, tàbí kí ẹ ṣí askniid.org, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí i. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ ó rí i pé ìwé wà lórí rẹ̀, pé ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá. Bí kò bá gbé nǹkan kan wá, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó sì lè jẹ́ ayédèrú. Ẹni tó tà á fún yín ni kó ṣàlàyé, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé lójú yín tàbí kó dá owó padà. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Láti oṣù kejì ọdún 2025 tí ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé yìí gidi, ẹ ó tún fi gba ara yín lọ́wọ́ ìdádúró.

Ẹ wo bó ṣe ń rí lọ́jọ́ jàǹbá

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní kẹ̀kẹ́ kan ń bọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú èrò mẹ́ta. Nígbà tó fẹ́ yà fún kòtò, ó lọ há mọ́ ẹ̀gbẹ́ Kòrólà kan tó páàkì. Ẹ̀bi awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Táàdì-pátì kọ́máṣà ló wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, ó sì ka èrò kún un.

Ilẹ̀kùn méjì Kòrólà náà wọlé, páńẹ́ẹ̀lì bítà àti ẹni tó kun ún gba ₦420,000. Iléeṣẹ́ á san ìyẹn, nítorí kò tó ₦2,000,000. Èrò kan kán lọ́wọ́, àwòrán eegun àti sìmẹ́ńtì ọwọ́ náà jẹ́ ₦180,000. Iléeṣẹ́ á san ìyẹn náà, nítorí pé wọ́n ka èrò kún un. Ibẹ̀ ni ọwọ́ iléeṣẹ́ ti dúró. Gíláàsì iwájú kẹ̀kẹ́, fọ́ọ̀kì rẹ̀ tó tẹ̀ àti iná iwájú gba ₦260,000. Orúnkún awakọ̀ yẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ₦350,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kò fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦5,000 sì ni dìlífárì tó yẹ kó máa san lójúmọ́, ìyẹn ₦240,000.

Gbogbo òfò ọjọ́ náà jẹ́ ₦1,450,000. Iléeṣẹ́ san ₦600,000. ₦850,000 tó kù wà lọ́rùn ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ àti awakọ̀, ìwé tí a rà dáadáa sì nìyẹn o. Ká ní píráfẹ́ètì ni wọ́n kọ sórí rẹ̀ bíi tèmi ni, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ì bá máa wá gbogbo ₦1,450,000 náà kiri.

Nínú ₦850,000 yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni òfò pín sí: ara awakọ̀, kẹ̀kẹ́, àti owó iṣẹ́. Bí ẹ bá ní agbára láti fi nǹkan kan kún táàdì-pátì, ìmọ̀ràn tèmi ni pé ara ni kí ẹ kọ́kọ́ bò.

Inṣọ́ránsì jàǹbá ara, àti ìlà tó ń pa ọlọ́kadà

Bí ẹ bá fẹ́ ka apá kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, ibí ni kí ẹ kà. Inṣọ́ránsì jàǹbá ara máa ń san iye kan fún ẹbí bí ẹni náà bá kú nínú jàǹbá. Bí ojú tàbí ẹsẹ̀ bá lọ, ó ń san ìpín kan nínú iye náà. Ó tún máa ń san owó ilé ìwòsàn dé ìwọ̀n kan, àwọn kan sì ń fúnni ní owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ara kò bá tíì gbé iṣẹ́. Bí a bá gbọ́ ọ létí, ó bá awakọ̀ mu gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n to àwọn ohun tí wọn kì í san sí. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogun, pípa ara ẹni àti eré ìje, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kì í san jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn lórí ọ̀kadà, yálà òun ló ń gùn ún tàbí wọ́n gbé e. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ni, ó sì ti sọ gbogbo ìwé náà di asán fún ọlọ́kadà. Ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ báǹkì ló ti ń tà á fún.

Ẹ ní kí wọ́n yọ ìlà náà kúrò. Iléeṣẹ́ mìíràn á gbà, á sì fi owó kún un. Òmíràn á kọ̀, ẹ ó sì lọ síbòmíì. Bí wọ́n bá gbà, inú ìwé ni kó ti hàn, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Bí ájẹ́ǹtì bá ní, "Kò sí wàhálà, a máa mójú tó o," ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti béèrè iṣẹ́ yín, ẹ kọ iṣẹ́ yín gan-an síbẹ̀: awakọ̀ kẹ̀kẹ́, ọlọ́kadà. Ẹni tó bá kọ "oníṣòwò" kí owó rẹ̀ lè dínkù ti fún wọn ní ìdí tí wọn kò fi ní sanwó. Òmíràn tún wà: jàǹbá nìkan ló ń san. Ẹ̀yìn dídùn tí ọ̀nà Ìtoíkín ń kó báni, ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, kò kàn án. Ìlera Èkó, ètò ìlera tìjọba ìpínlẹ̀, ni kí ẹ lọ bi léèrè fún ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ bo kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀

Kọmpirihẹ́ńsíìfù kò gbọdọ̀ dín ní ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a díye lé ní ₦3,000,000 á ná yín ní ₦150,000 lọ́dún, ó kéré tán. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń gba kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà kọ́máṣà. Ẹ lè rìn dé ọ̀dọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá rí èyí tó gbà, àwọn ibi tí kò ní dé nìyí, àwọn tó sábà máa ń já oníkẹ̀kẹ́ kulẹ̀.

Kò ní san ohun tó gbó. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì, kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ tán, táyà tó bẹ́ fúnra rẹ̀, tiyín ni gbogbo wọn. Kò ní san dìlífárì ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ̀yin náà ni ẹ ó kọ́kọ́ san iye kan nínú gbogbo àtúnṣe kí wọ́n tó fi tiwọn lé e, nítorí náà ẹ béèrè iye ọ̀hún kí ẹ tó sanwó. Àgbàrá òjò tó wọ kẹ̀kẹ́ àti ìjà ìgboro kì í sábà sí nínú rẹ̀ àyàfi bí ẹ bá fi owó kún un. Ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ sùn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ní Ìpákodò tàbí Báyẹ̀kú, kó má fo ìyẹn.

Bí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́, iye tó tà lọ́jà lọ́jọ́ tí wọ́n jí i ni wọ́n ń san. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ kọ ní ₦3,000,000 tó ti di ₦2,000,000 lọ́jà, ₦2,000,000 ni, wọ́n á sì tún yọ iye tí ẹ̀yin ní láti kọ́kọ́ san kúrò nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá fi kọ́kọ́rọ́ sára rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, wọ́n lè má san nǹkan kan. Bó bá sì jẹ́ kẹ̀kẹ́ háyà pọ́ṣéèsì ni, ẹni tó gbé e fún yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀ fún. Mo mọ ọmọ kan ní Ògólóńtò tó ti san oṣù mọ́kànlá. Gbogbo owó tí inṣọ́ránsì san ló bọ́ sọ́wọ́ oníháyà, òun lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn háyà yín sọ ẹni tí ohun tó bá ṣẹ́kù jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí awakọ̀ ń ṣe tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ fún èèyàn, ẹ bá a sọ ọ́ kó yé e. Láísẹ́ǹsì tó bá ọkọ̀ mu ni kó ní, kó má sì jẹ́ kó kọjá ọjọ́. Kíláàsì A ni ti ọ̀kadà. Èrò mẹ́ta ni kẹ̀kẹ́ ń gbé lẹ́yìn. Ẹnì kẹrin tí wọ́n ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ní Ìtámágà nírọ̀lẹ́ ń sọ ọkọ̀ di àpọ̀jù ẹrù lójú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni èrò kejì lẹ́yìn ọ̀kadà. Páragà tí wọ́n ń tà lẹ́nu gáréèjì ní àárọ̀ kùtù náà ń bẹ nínú ohun tí ìwé kọ̀, nítorí pé ọtí ni.

Ti ọ̀kadà tún ku ọ̀kan. Ìkòròdú kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n Kósọ́fẹ́ wà níbẹ̀, Máìlì Tuẹ́ẹ́fù sì wà nínú Kósọ́fẹ́. Ọ̀kadà tó gbé èrò láti Ògólóńtò kọjá sí ìhà Máìlì Tuẹ́ẹ́fù ti wọ ibi tí òfin kò ti gbà á, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ láti sanwó sì ti rí ẹ̀rí. Bí ìjọba bá gbá ọ̀kadà náà mú tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, kò sí inṣọ́ránsì tó ń san ìyẹn.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ gbé ẹni tó farapa lọ sílé ìwòsàn ná. Kí ẹnì kan tó gbé ọkọ̀ kúrò, kí ẹlòmíì ya fọ́tò: nọ́ńbà ọkọ̀ méjèèjì, ibi tí wọ́n ti fara kan ara, kòtò tó fà á, títì náà láti òkèèrè. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì tó rí i. Ẹ má ṣe ṣèlérí owó fún onímọ́tò, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ ó san án, bó ti wù kí ó pariwo tó. Ìwé àdéhùn kì í sábà gbà kí ẹ gba ẹ̀bi tàbí kí ẹ bá wọn dúnàádúrà lẹ́yìn iléeṣẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní nọ́ńbà inṣọ́ránsì yín, ẹ sọ fún un pé iléeṣẹ́ á bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ pe iléeṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì tún fi lẹ́tà tàbí ímeèlì tẹ̀ lé e, nítorí pé ẹnu kò ní ẹ̀rí. Ẹ gba rípọ́ọ̀tù ní àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àdúgbò náà. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ lọ́dọ̀ páńẹ́ẹ̀lì bítà kí ẹni tí iléeṣẹ́ rán wá tó wò ó, kí ẹ sì tọ́jú irin tí wọ́n bá yọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kó fọ́ọ̀mù wọn, sátífíkéètì, láísẹ́ǹsì awakọ̀, ìwé ọkọ̀, rípọ́ọ̀tù ọlọ́pàá, iye tí oníṣẹ́ kọ àti rìsíìtì ilé ìwòsàn jọ. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Ní ìparí, wọ́n á gbé ìwé kan wá kí ẹni tí wọ́n fẹ́ sanwó fún fọwọ́ sí, pé òun ti gba ẹ̀tọ́ òun tán pátápátá. Bó bá jẹ́ èrò tí ọwọ́ rẹ̀ kán ni, ẹ sọ fún un kó má tíì fọwọ́ sí i bí sìmẹ́ńtì bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó dúró dìgbà tí dókítà bá sọ pé ìtọ́jú ti tán, kó ka iye tí ó ti ná, kó tó fọwọ́ sí i. Bó bá ti fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì wá ní kí wọ́n tún ọwọ́ náà tò, ẹ̀yin ló máa wá bá ní gáréèjì.